Àwòrán Tàbí Ṣáàtì Tó Ń Dáhùn: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tí Nẹ́tíwọọ̀kì Rẹ̀ Ń Falẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan tí kò sí ilé tí wọn ò ti ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà: iye tí wọ́n ń ra dọ́là kan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni lọ́jà ìjọba. Ní Oṣù Kẹfà ọdún yẹn, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye náírà, kò sì pẹ́ tí dọ́là fi kọjá ₦700. Kí Oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ó wálẹ̀ díẹ̀ ní Oṣù Kẹrin, ó sì tún gòkè padà kí ọdún tó parí. Oníròyìn tó bá fẹ́ kí òǹkàwé rẹ̀ rí gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan náà máa ya ìlà kan tó ń gòkè láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Ọ̀nà méjì ló lè gbà yà á sójú ìkànnì.

Ọ̀nà kìíní ni àwòrán tó dúró sójú kan, tí wọ́n gbé sójú ewé bí ìgbà tí èèyàn gbé fọ́tò síbẹ̀. Ìkejì ni ṣáàtì tó ń dáhùn sí ìka: bí ẹ bá fọwọ́ kan ibì kan lórí ìlà náà, àpótí kékeré kan á yọ, á sọ iye dọ́là lọ́jọ́ náà. Ẹ lè fà á gbòòrò, ẹ sì lè yan oṣù tó wù yín. Lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já fáfá, ìkejì yìí wuni gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ti máa ń wò ó. Ṣùgbọ́n inú dánfó ni ẹni tó máa kà á wà, tàbí ní abúlé tí nẹ́tíwọọ̀kì ti ń wá tó tún ń lọ, fóònù olówó pọ́ọ́kú ló sì mú dání. Dátà tó rà pẹ̀lú ti gbówó lórí sí i: ní Oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi ohun tó tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká wọn ohun tí ọ̀nà méjèèjì máa ná ẹni yìí. Nínú irinṣẹ́ àyẹ̀wò búráwúsà Chrome, ipò kan wà tí wọ́n pè ní `3G`, tó ń mú kí kọ̀ǹpútà tó yára ṣe bí fóònù tí nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ kò dára. Nǹkan bíi kílóbíìtì 400 ló ń gbà wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan, nítorí náà kílóbáìtì 50 péré ló ń wọlé níṣẹ̀ẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Plotly jẹ́ ọ̀kan lára ohun èlò tí àwọn tó ń fi Python ṣiṣẹ́ fi ń ya ṣáàtì tó ń dáhùn. Bí ẹ bá ní kó tọ́jú ṣáàtì náírà wa yìí bí ojú ewé, tí ẹ kò sì yí ètò rẹ̀ padà, ó máa kó gbogbo kóòdù rẹ̀ pátá sínú fáìlì náà, títí kan èyí tó wà fún irú ṣáàtì tí ẹ kò lò rárá. Fáìlì náà á lé ní mẹ́gábáìtì 3, nítorí ìlà kan ṣoṣo tó ní àmì oṣù 24. Bí sáfà tó gbé ìkànnì náà bá fún un pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, ó máa kù sí nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 1, èyí tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú àáyá lórí nẹ́tíwọọ̀kì wa. Bí sáfà kò bá fún un pọ̀, ó lè gba ìṣẹ́jú kan gbáko. Ìlà yẹn kan náà, bí wọ́n bá yà á bí àwòrán PNG tí àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, lè má ju kílóbáìtì 30 lọ. Kò ní gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kì í ṣe gbogbo ṣáàtì tó ń dáhùn ló wúwo bẹ́ẹ̀ o. Chart.js fúyẹ́ gan-an, bí wọ́n bá fún un pọ̀ kò tó kílóbáìtì 100. Ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ojú ewé á kọ́kọ́ dé, òun ló máa sọ fún fóònù pé kó lọ wá kóòdù. Kóòdù á dé, òun náà á ní kí fóònù lọ wá iye dọ́là oṣù kọ̀ọ̀kan níbòmíràn. Ìrìn kọ̀ọ̀kan ní ìdúró tirẹ̀, ẹni tó bá sì ti lo nẹ́tíwọọ̀kì tó ń falẹ̀ mọ bí ìdúró yẹn ṣe ń gùn tó kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Lẹ́yìn èyí, fóònù ṣì gbọ́dọ̀ ka kóòdù náà tán, kó sì ṣiṣẹ́ lé e lórí kó tó lè fa ìlà kan, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ fóònù olówó kékeré kò yára bíi ti fóònù olówó ńlá. Ní ti àwòrán, ó dé, ó sì parí.

Bí ọ̀kan nínú àwọn ìrìn yẹn bá já lójú ọ̀nà, ohun tí òǹkàwé máa rí ni àkọlé, lẹ́yìn náà àyè funfun, lẹ́yìn náà ìyókù àpilẹ̀kọ. Kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe ojú ewé náà pẹ̀lú kò ní mọ̀, torí òǹkàwé kì í kọ lẹ́tà pé ṣáàtì kò yọ, ńṣe ló ń lọ. Ti àwọn tó ń lo Opera Mini tún yàtọ̀. Ní ipò tó ti ń ṣọ́ dátà lò jù, sáfà Opera ló ń tú ojú ewé náà wò, tó sì ń fi èyí tó ti fún pọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Kóòdù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí fóònù náà fúnra rẹ̀, nítorí náà fífọwọ́ kan ìlà láti rí àpótí kékeré yẹn lè má mú ohunkóhun jáde. Àwòrán ní tirẹ̀ á yọ, á tún fúyẹ́ sí i.

Ẹ wá gbà pé ohun gbogbo dé láyọ̀. Ṣé òǹkàwé máa fọwọ́ kàn án? Ní ọdún 2016, Archie Tse, tó wà lára àwọn tó ń ṣe àwòrán ìròyìn ní The New York Times, sọ níbi àpérò Malofiej ní Spéènì pé òǹkàwé kàn fẹ́ máa yí ojú ewé lọ ni, àti pé kí ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ sínú àpótí tó ń yọ gbà pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Iléeṣẹ́ tó ti ṣe púpọ̀ irú iṣẹ́ yìí ló ti ń sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Lórí fóònù, ìka tún máa ń bo ibi tí èèyàn fẹ́ wò gan-an. Nínú ṣáàtì náírà, ohun tí òǹkàwé ń wá kò ju méjì lọ: ìgbà wo ni dọ́là fò sókè, kí ló sì fà á? Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà: “Oṣù Kẹfà 2023: ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye náírà.” Kò ní nílò láti fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n àwòrán tí wọn kò ṣe dáadáa náà ń fi dátà ṣòfò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti ìwọ̀n. Ẹnì kan á ya ṣáàtì fún kọ̀ǹpútà, fífẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ píksẹ́lì 1,200, lẹ́tà inú rẹ̀ á sì jẹ́ 14. Lórí fóònù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 360, gbogbo rẹ̀ á sún kì sí ìdá 30 nínú 100, lẹ́tà yẹn á sì di nǹkan bíi 4. Ojú wo ló máa kà á? Nítorí náà, ẹ ya méjì: èyí tó gùn sísàlẹ̀ fún fóònù, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, tí oṣù tó kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, àti èyí tó fẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Búráwúsà á mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn:

```html
<picture>
  <source media="(min-width: 700px)" srcset="naira-fife.png" width="700" height="420">
  <img src="naira-foonu.png" width="360" height="420"
    alt="Dọ́là gòkè láti ₦460 ní 2023 dé ₦1,500 ní 2024">
</picture>
```

Nọ́ńbà fífẹ̀ àti gíga tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ kí búráwúsà fi àyè sílẹ̀ kí àwòrán tó dé, kí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń kà lọ́wọ́ má baà ṣàdédé sá wálẹ̀. Gbólóhùn tó wà nínú `alt` wà fún ẹni tí kò ríran, tí fóònù ń kàwé fún, àti fún ẹni tí àwòrán náà kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹ má fi JPEG ṣe é: fọ́tò ló wà fún, ó máa ń da ìdọ̀tí yí lẹ́tà àti ìlà ká. SVG dára púpọ̀ bí àmì orí ìlà kò bá pọ̀, torí ọ̀rọ̀ lásán ni inú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kì í sì í ṣú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fa iye dọ́là ojoojúmọ́ fún ogún ọdún, àmì á pọ̀, fáìlì á wú, PNG á sì fúyẹ́ jù ú lọ. Ohun kan tún wà tó ń jẹ́ kí n fẹ́ràn PNG: àwọn èèyàn wa máa ń fi ohun tó bá jọ wọ́n lójú ránṣẹ́ lórí WhatsApp. PNG á lọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. WhatsApp á tún un fún pọ̀ lójú ọ̀nà, ìdí mìíràn tí lẹ́tà inú rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ tóbi. Ṣáàtì tó ń dáhùn kò lè lọ síbẹ̀, àfi líǹkì rẹ̀.

Ìgbà wo wá ni ṣáàtì tó ń dáhùn tọ́? Ìgbà tó bá jẹ́ pé ohun tí òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ń wá yàtọ̀ síra ni. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá ní ìsọfúnni nípa gbogbo wọn, ará Ìṣẹ́yìn fẹ́ rí Ìṣẹ́yìn, ará Ìkòròdú fẹ́ rí Ìkòròdú, kò sì sí àwòrán kan tó lè kọ orúkọ 774 kí ẹnikẹ́ni rí i kà lójú fóònù. Bó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá nìkan ni, mi ò ní lo ṣáàtì tó ń dáhùn síbẹ̀. Àtẹ lásán tí wọ́n fi HTML tò, ìlà 37, kò ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ, òǹkàwé á yí i títí á fi kan ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Ní ti 774 yẹn pàápàá, kí àwòrán tó sọ kókó ìròyìn náà kọ́kọ́ dé. Sí abẹ́ rẹ̀, ẹ fi bọ́tìnnì kan tó sọ iye tí yóò ná: “Wá ìjọba ìbílẹ̀ rẹ (kílóbáìtì 150).” Ìgbà tí òǹkàwé bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ni kóòdù máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹni tí kò fẹ́ kò san nǹkan kan, ẹni tó fẹ́ sì mọ ohun tó ń rà.

Kí ẹ tó gbé ojú ewé náà síta, ẹ ṣí apá `Network` nínú irinṣẹ́ Chrome, ẹ yan `3G`, ẹ sì fi àmì sí `Disable cache` kó má baà lo èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ tún ojú ewé náà ṣí. Ẹ wo nọ́ńbà tó kọ sí iwájú `transferred` nísàlẹ̀, ẹ sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí ìlà náírà yóò fi yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yá fóònù ẹni tí tirẹ̀ kéré jù nínú ọ́fíìsì yín, ẹ pa Wi-Fi rẹ̀, kí ẹ sì ṣí i níbẹ̀ pẹ̀lú.