Ta Ló Ń Mú Kí Àjẹ̀ Mẹ́jọ Wọ Omi Lẹ́ẹ̀kan Náà?

Lọ́dọọdún, nígbà tí ọdún Àjíǹde bá ń kan ilẹ̀kùn tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, Yunifásítì Ọ́ksífọ́ọ̀dù àti ti Kémbíríìjì máa ń fi ọkọ̀ figagbága lórí odò Témúsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1829 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje náà. Lónìí, láti Pọ́tínì ni wọ́n ti ń gbéra dé Mọ́tíléèkì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méje. Atukọ̀ mẹ́jọ ló ń wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àjẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kan, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ẹnì kẹsàn-án kò mú àjẹ̀ rárá. Òun ni adarí, ó sábà máa ń kéré lára, ohùn rẹ̀ ni àwọn tó ń wòran sì ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣe ló ń ké “fà! fà!” kí àwọn yòókù lè jọ máa fà á pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe jókòó. Apẹja tó ń wa ọkọ̀ ní Èpẹ́ tàbí Mákòókò kọjú síbi tó ń lọ. Àwọn atukọ̀ ìdíje yìí kẹ̀yìn sí i ni. Adarí nìkan ló kọjú síwájú, ìdí ọkọ̀ ló sì jókòó sí. Láti imú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ka ìjókòó, nítorí náà ẹni tó sún mọ́ adarí jù lọ, tí wọ́n jọ ń wo ojú ara wọn, ni ẹni kẹjọ. Ọwọ́ ẹni kẹjọ yìí ni ìlù ọkọ̀ wà. Bó bá yára, gbogbo wọn á yára. Bó bá rọra, wọ́n á rọra. Ẹni keje tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wo èjìká rẹ̀, ẹni kẹfà ń wo ti ẹni keje, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé imú ọkọ̀. Ẹni keje ní iṣẹ́ pàtàkì níbẹ̀, torí pé apá kejì ni àjẹ̀ tirẹ̀ wà. Òun ló ń gba ìlù náà lọ́wọ́ ẹni kẹjọ fún àwọn tí wọ́n jọ wà lápá yẹn.

Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó. Tí àjẹ̀ bá jáde nínú omi, wọ́n á yí i dùbúlẹ̀ kí atẹ́gùn má baà dí i lọ́wọ́, bó sì ti ń yí ló ń dún “kọ́” nínú irin tó gbé e dúró. Níbi tí wọ́n ti ṣọ̀kan, “kọ́” kan ṣoṣo ni etí máa gbọ́. Tó bá di “kọ́-kọ́-kọ́”, ẹnì kan ti pẹ́ tàbí kó ti yá jù. Ara náà ń sọ fún wọn, nítorí ọkọ̀ ọ̀hún tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé tí ọwọ́ ẹnì kan bá ga ju ti ìyókù, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wọn á sì mọ̀ ọ́n nídìí tí wọ́n fi jókòó.

Ìgbà tí wọ́n ń fa àjẹ̀ kọ́ ni ìlù sábà máa ń bàjẹ́. Ìgbà tí wọ́n ń padà lọ mú ìfà tuntun ni. Àga wọn ní táyà kéékèèké tó ń yí lórí irin, bàtà wọn sì wà ní kíkàn mọ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti fà tán, wọ́n á ká orúnkún, àga á sì gbé wọn lọ síhà ìdí ọkọ̀. Níbi ìdíje àgbáyé, ọkọ̀ elẹ́ni mẹ́jọ lè fúyẹ́ dé kílò 96, bẹ́ẹ̀ àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀ lè wúwo tó kílò 700. Ẹni tó bá ti fò láti inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sórí èbúté rí mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ ṣe ń ta ọkọ̀ ló ń sún sẹ́yìn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbí. Tí àwọn atukọ̀ bá sáré padà, ẹsẹ̀ wọn náà ló máa dá wọn dúró, wọ́n á sì fi agbára ara wọn ti ọkọ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn pé kí wọ́n fà á kíákíá, kí wọ́n sì rọra padà. Ìfà kan àti ìpadà rẹ̀ kì í sì í tó ìṣẹ́jú àáyá méjì lójú ìdíje! Kí èèyàn máa mí hẹlẹ, kí àyà rẹ̀ máa jó, kó sì tún rọra, iṣẹ́ ńlá ni.

Iṣẹ́ adarí bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú àwọn mẹ́jọ wọ̀nyí kò dé. Okùn ìtọ́kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtọ́kọ̀ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, síbẹ̀ ìgbàkígbà tó bá yí i, ó ń dín eré kù, ó sì lè mú kí ọkọ̀ fì. Adarí tó mọṣẹ́ máa ń yí i díẹ̀, á sì tètè yí i, torí pé ọkọ̀ kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí omi òkun bá ń kún wọ inú odò ni wọ́n ń sá eré yìí, ibi tí odò ti jìn jù ni ìṣàn sì ti lágbára jù, nítorí náà ibì kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì ń fẹ́ gbà. Odò náà tún yí nígbà mẹ́ta lójú ọ̀nà. Àkọ́kọ́ àti ìkẹta ṣe ọkọ̀ tó wà lápá Mídúsẹ́ẹ̀sì lóore, èyí tó gùn jù láàárín ṣe ti apá Sọ́rè lóore. Owó ẹyọ ni wọ́n ń jù sókè láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mú apá tó wù ú.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lẹ́nu adarí, ó sì ń fi iye ìfà ní ìṣẹ́jú kan hàn án. Ó lè sọ fún ẹni kẹjọ pé kó gbé e kúrò ní 33 sí 35. Ó lè sọ fún ẹni kẹta pé àjẹ̀ rẹ̀ ń pẹ́ kó tó wọ omi. Ó lè ní kí gbogbo wọn fi agbára fa mẹ́wàá, nítorí ó ti rí i pé àwọn alátakò ń rẹ̀. Ojú ẹni kẹjọ tó ń wò ń fi bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó hàn án. Lójú tèmi, adarí tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ kò ran ọkọ̀ lọ́wọ́, torí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ gidi bá dé, etí á ti kún.

Ìdíje ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2012 fi hàn bí ọwọ́ adarí ṣe wúwo tó. Ọkùnrin kan lúwẹ̀ẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà, wọ́n sì dá eré dúró. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì sún mọ́ra jù. Rẹfirí Jọ́ọ̀nù Gárẹ́ẹ̀tì kìlọ̀ fún Ọ́ksífọ́ọ̀dù léraléra pé kí wọ́n yà. Kò pẹ́ tí àjẹ̀ fi kọlu àjẹ̀, ojú àjẹ̀ atukọ̀ Ọ́ksífọ́ọ̀dù kan sì kán dànù. Ó ku àjẹ̀ mẹ́rin lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Ọkọ̀ tó bá rí bẹ́ẹ̀ á máa fẹ́ yí, àfi kí adarí máa fi ìtọ́kọ̀ dá a padà, èyí náà sì ń jẹ eré. Kémbíríìjì fi ìgùn ọkọ̀ tó lé ní mẹ́rin gba ife ẹ̀yẹ. Adarí Ọ́ksífọ́ọ̀dù, Sóì dẹ Tolẹ́dò, na ọwọ́ sókè láti fẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n rẹfirí kò gbà.

Obìnrin ni Tolẹ́dò. Sù Bíráùn ló ti lànà fún irú wọn nígbà tó darí ọkọ̀ Ọ́ksífọ́ọ̀dù lọ́dún 1981, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó kópa nínú ìdíje náà, wọ́n sì borí lọ́dún yẹn. Ní ti Tolẹ́dò, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Níbi Òlíńpíìkì tó wáyé ní Ríò lọ́dún 2016, òun ló darí ọkọ̀ àwọn obìnrin mẹ́jọ ti Bìrìtéènì, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà.