Nígbà Tí Mọ́tò Bá Ń Jẹ Táyà Ní Kòtò-Kòtò

Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ pé mọ́tò a máa jẹ táyà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í kíyè sí ni bó ṣe ń jẹ ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù nínú táyà, àárín ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tán. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, etí méjèèjì ló máa jẹ, àárín á ṣẹ́ kù. Bí aláìnmẹ́ǹtì bá ti yẹ̀, etí kan á tán pátápátá nígbà tí ìkejì ṣì nípọn. Ṣùgbọ́n jíjẹ kan wà tó yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí: ojú táyà á jin níbì kan, á ga níbòmíràn, á tún jin, á tún ga, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yí táyà ká, bí ẹni pé wọ́n fi ṣíbí bù ú. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má tíì sáré lọ ra táyà tuntun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ló ti kú, tàbí pé nǹkan kan ti jẹ lára àwọn irin tó so ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́ ara rẹ̀.

Sípíríìngì ló ru ẹrù mọ́tò, òun náà ló sì ń gba ìjàǹbá kòtò. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, á nà padà, á tún sún kì, á tún nà, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè dá a dúró. Òróró wà nínú páìpù ṣọ́ọ̀kì, písítìn kan sì ń lọ sókè sódò nínú òróró náà. Inú àwọn ihò tín-ín-rín tó wà lára písítìn ni òróró gbọ́dọ̀ gbà kọjá, kò sì lè yára kọjá, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò fò bó ṣe wù ú. Agbára tí ì bá fi fò á di ooru nínú òróró. Bí rọ́bà tó dí ẹnu ṣọ́ọ̀kì bá jẹ, òróró á máa jò. Bí fáàfù inú rẹ̀ bá sì jẹ, ṣọ́ọ̀kì lè kú láìjò rárá.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ mọ́tò ní ọ̀nà márosẹ̀. Táyà tí wọ́n kọ 195/65R15 sí lára, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Kòrólà, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2 tí a bá wọn ojú rẹ̀ yípo. Bí mọ́tò bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà yìí ń yí tó ìgbà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, táyà, ríìmù àti irin tó gbé wọn ní ìwọ̀n tí wọ́n máa ń fò bí nǹkan bá ta wọ́n: nǹkan bí ìgbà 10 sí 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bálánsì táyà bá wá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá yí ló máa ta ẹsẹ̀ mọ́tò, títa náà yóò sì bọ́ sí àkókò fífò rẹ̀ gan-an. Ṣọ́ọ̀kì tó lágbára á tẹ̀ ẹ́ rì. Èyí tó ti kú á fi í sílẹ̀, táyà á sì máa jó lórí ọ̀dà.

Nígbà tí táyà bá fò, ìwúwo tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á dín kù. Nígbà tó bá já padà, á já tagbára-tagbára, á yọ̀ díẹ̀ kó tó di ilẹ̀ mú. Ibi tó ti ń yọ̀ ni rọ́bà ti ń họ. Tí ojú kan bá sì ti họ, ibẹ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mi táyà, ìyẹn ni kòtò kan ṣe ń bí òmíràn. Láti Ìbàdàn sí Èkó jẹ́ nǹkan bí 130 kìlómítà. Táyà á yí tó ìgbà 65,000 kó tó débẹ̀, gbogbo ìgbà yẹn ni ojú kan náà á kan ilẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé jíjẹ náà kì í pẹ́ jinlẹ̀.

Nínú mọ́tò tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ẹ̀yìn ni ẹ ó ti máa rí jíjẹ yìí jù, nítorí pé ẹ̀yìn fúyẹ́ tí kò bá sí ẹrù nínú búùtù, ohun tó bá sì fúyẹ́ kì í pẹ́ fò. Etí inú táyà ni ó sì sábà máa ń bá, níbi tí ojú kò tó láìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ojú tó rí i.

Ẹ jẹ́ ká gbé e ka orí Kòrólà ọdún 2005 kan, tí ẹni tó ni ín ń fi lọ sí Èkó láti Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kíkùn kan láti ẹ̀yìn: bí mọ́tò bá ṣe ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni kíkùn náà ń ga sí i. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní bíárìnì ni, ó pààrọ̀ ọ̀kan, owó lọ, kíkùn náà kò lọ. Kì í ṣe pé mẹkáníìkì náà kò mọṣẹ́, ohùn àwọn méjèèjì jọra gan-an ni. Àmọ́ ọ̀nà wà láti yà wọ́n. Bí ẹ bá rọra yí sítíárìn sọ́tùn-ún tàbí sósì lórí eré, ẹrù á sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíárìnì tó ti bàjẹ́ sì sábà máa ń yí ohùn padà. Kíkùn táyà kì í sábà yí padà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n á yàtọ̀ bí mọ́tò bá kúrò lórí ọ̀dà tó ń dán bọ́ sórí ọ̀dà tó le. Ẹ̀rí tó dájú jù ni pé kí wọ́n gbé táyà ẹ̀yìn sí iwájú: bí kíkùn bá bá a lọ síwájú, táyà ni.

Nígbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Kòrólà yìí, kíkùn náà bọ́ síwájú. Fọkanáísà fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà náà yípo, kò gbà á níbùú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gùn, ó ń sọ̀, ó ń gùn, ó ń sọ̀. Ó fi géèjì wọn ìjìnlẹ̀ ìlà ojú táyà: ó bá mìlímítà 5 níbi tó ga, mìlímítà 3 níbi tó jin. Ibi tó jin ni ọjọ́ orí táyà, torí pé tí ibẹ̀ bá ti dé mìlímítà 1.6, táyà ti tán, bó ti wù kí ibi tó kù nípọn tó.

Ó wá ku ṣọ́ọ̀kì. Àyẹ̀wò tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ igun mọ́tò mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Tó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì jókòó, ó dára. Tó bá ń fì sókè sódò nígbà méjì tàbí mẹ́ta, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Ṣùgbọ́n apá kan ni àyẹ̀wò yìí lè fi hàn. Ọwọ́ ènìyàn kò lè mi ara mọ́tò ju bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ fífò tó ń jẹ táyà ju ìgbà 10 lọ. Ṣọ́ọ̀kì kan lè yege lábẹ́ ọwọ́, kó sì kùnà lójú ọ̀nà. Nítorí náà, bí mọ́tò kò bá fì, táyà sì jẹ ní kòtò-kòtò, ẹ̀rí táyà ló wúwo jù.

Lábẹ́ Kòrólà náà, ara ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọ̀tún rin fún òróró, eruku sì ti dì mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ọ̀rinrin fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀ nìkan ni, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Òróró tó ń ṣàn dé ìsàlẹ̀ ni àrùn. Bọ́ọ̀ṣì rọ́bà tó wà níbi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ irin náà ti ya. Bọ́ọ̀ṣì tó bá ya báyìí á jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò kọ́kọ́ mì láìtẹ ṣọ́ọ̀kì, tó fi jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì tuntun pàápàá kò ní lè ṣiṣẹ́ tán.

Kí wọ́n tó dá ṣọ́ọ̀kì nìkan lẹ́bi, wọ́n tún fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kan lókè táyà, ìkejì nísàlẹ̀, kí wọ́n mì í: tó bá ń yẹ̀, bíárìnì ni, tàbí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tó bá jẹ́ iwájú. Ọwọ́ kan lápá ọ̀tún, ìkejì lápá òsì: tí ẹsẹ̀ iwájú bá ń yẹ̀ báyìí, tairọ́ọ̀dù ni kí wọ́n wò. Èyíkéyìí tó bá tú nínú wọn lè jẹ táyà ní kòtò-kòtò. Ríìmù tó ti wọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bálánsì tí wọn kò ṣe náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Kòrólà yìí, kò sí èyí tó yẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ni wọ́n pààrọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan péré ló ń jò. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá le, tí ìkejì rọ̀, mọ́tò kò ní jókòó dọ́gba nígbà tí a bá tẹ bíréèkì tàbí tí a bá ń kọ kọ́nà. Wọ́n fi bọ́ọ̀ṣì tuntun sí i, wọ́n ṣe bálánsì, wọ́n sì yẹ aláìnmẹ́ǹtì wò. Nínú irú Kòrólà yìí, irin kan gbọọrọ ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kò sí bóòtù tí wọ́n lè fi tún aláìnmẹ́ǹtì ẹ̀yìn ṣe. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé ẹ̀yìn yẹ̀, irin náà ló wọ́ tàbí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló jẹ. Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é: bí sípíríìngì bá yí ṣọ́ọ̀kì ká, ẹ má tú u láìsí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ká a kò. Tó bá ta, ó lè pa ènìyàn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, kíkùn náà ṣì wà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bá mẹkáníìkì jà lásán. Ṣọ́ọ̀kì tuntun kò lè dá rọ́bà tó ti họ padà. Kòtò tí kò jìn lè máa dọ́gba díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n bá gbé táyà náà sí ẹsẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n èyí tó ti jìn á máa kùn títí wọn yóò fi yọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yẹn jẹ́, táyà tí ojú rẹ̀ dọ́gba ni kí ẹ fi sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì tún fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn bí 3,000 kìlómítà. Bí ó bá ṣì dán, àrùn ti tán. Bí kòtò bá tún yọ, ẹ padà sórí ríìmù àti bálánsì.

Èyí kan ẹni tó ń ra táyà tòkunbọ̀ gan-an. Kòtò tó wà lójú táyà bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì mọ́tò ẹlòmíràn ló gbẹ́ ẹ lókè òkun, ṣùgbọ́n ìdí mọ́tò tiyín ni yóò ti máa kùn, ẹ ó sì máa wá àrùn tí mọ́tò yín kò ní. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú rẹ̀ yípo pátá, pàápàá ní etí méjèèjì. Bí ọwọ́ yín bá ń gùn tó ń sọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.