Àrá Sán, Fíríjì Jóná: Ṣé Adójútòfò Ilé Yóò San Án?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra adójútòfò ilé ló rò pé ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú ilé ni wọn yóò san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ba ẹrù náà jẹ́ ni ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń kọ́kọ́ wádìí.

Ká ní àrá sán sí òpó iná àdúgbò kan ní Ìbàdàn, fíríjì ilé kan sì jóná. Ìwé àdéhùn dárúkọ mànàmáná pẹ̀lú ìjàm̀bá iná, onílé sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn, gbólóhùn kan wà tó yọ ẹ̀rọ tí iná àpọ̀jù bà jẹ́ láti inú wáyà kúrò, kódà bó bá jẹ́ mànàmáná ló fà á. Bí àrá bá fọ́ òrùlé, wọn yóò san án. Bó bá gba inú wáyà jó mọ́tò fíríjì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má san ti fíríjì. Bí fíríjì náà bá gbiná, tí àga àti kọ́tìnì sì jó, àga àti kọ́tìnì wà lábẹ́ adójútòfò.

Bákan náà ni ti iná tó ga nígbà tí kò sí àrá. Iná ilé wa jẹ́ fóòtì 230. Bí wáyà nútírà bá já lórí òpó, ó lè gòkè sún mọ́ 400 nínú ilé kan, kí ó sì rẹlẹ̀ nínú òmíràn. Ẹ ó rí i tí gílóòbù ń mọ́lẹ̀ rekọjá, tí fáànù sì ń sáré àsápajúdé. Ẹ tètè pa iná láti ìdí mítà. Ẹni tó bá fẹ́ ààbò lórí èyí gbọ́dọ̀ béèrè fún àfikún lórí iná àpọ̀jù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, bí ọ́ìlì bá gbẹ tí ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì, tàbí tí ó kú nítorí ogbó, adójútòfò ilé kì í san án. Àdéhùn ọ̀tọ̀ ló wà fún ìdákú ẹ̀rọ. Bí olè bá gbé e lọ tàbí iná ilé jó o, wọ́n lè san án, bí ó bá wà nínú àkọsílẹ̀ ẹrù. Ẹ béèrè bóyá ààbò náà dé ìta gbangba tí ẹ gbé e sí.

Bí nǹkan bá jóná, ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ju bọ́ọ̀dù tó dúdú nù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ní kí ó kọ ohun tó fà á sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ilé iṣẹ́ náà létí kí ẹ tó tún un ṣe.