Máàkì Kan Náà, Àfikún Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Òṣìṣẹ́ méjì jọ wà nípò kan náà, àwọn méjèèjì sì gba máàkì 4 nínú 5 nígbà àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdún. Lẹ́tà àfikún owó oṣù dé: ọ̀kan rí 14%, èkejì rí 6%. Ariwo ojúsàájú sọ, ṣùgbọ́n kì í sábàá jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Máàkì nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ipò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tí ilé iṣẹ́ gbà pé ó tọ́ sí i. Ká ní ó jẹ́ ₦500,000 lóṣù. Ẹni àkọ́kọ́ ń gba ₦400,000, kò tíì débẹ̀, wọ́n wá fi ₦56,000 kún un kó lè tètè bá a. Èkejì ń gba ₦600,000, ó ti kọjá ibẹ̀, nítorí náà ₦36,000 ló rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ọwọ́ àwọn ọ̀gá. Ká ní òṣìṣẹ́ 10 ń gba ₦500,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí ilé iṣẹ́ sì ya 8% sọ́tọ̀ fún àfikún, ìyẹn ₦400,000 lóṣù. Bí máàkì 4 bá ń mú 10% wá níbẹ̀, tí ọ̀gá tí kò fẹ́ ìjà sì fún gbogbo wọn ní 4, ₦500,000 ni wọn yóò nílò. Ṣé ẹ rí i? Owó ò ká a. Wọn yóò gé àfikún gbogbo wọn sí 8%, ẹni tó ṣiṣẹ́ jù lọ ni yóò sì fara gbá a.

Ẹni tí àfikún rẹ̀ bá rú lójú lè béèrè iye tí wọ́n gbé ka ipò rẹ̀.