Wéébìlì Márùndínlọ́gọ́rin, Ìnfọ́ìsì Kan

Ká sọ pé ilé búrẹ́dì kan wà n'Ìbàdàn tó ń gbé búrẹ́dì fún ilé oúnjẹ kan tó ní ẹ̀ka mẹ́ta, ní Bódìjà, Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀. Láràárọ̀, àyàfi ọjọ́ Àìkú, dírẹ́bà á já ogún búrẹ́dì ńlá sílẹ̀ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bí oṣù bá ní ọjọ́ iṣẹ́ 25, ìgbà 75 ni wọ́n gbé ọjà dé. Kò sí akọ̀wé owó tó máa jókòó kọ sọ̀wédowó nígbà 75, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi fẹnu kò pé ìnfọ́ìsì kan ṣoṣo ni yóò máa wọlé lópin oṣù.

Ìrọ̀rùn ni, ṣùgbọ́n owó oṣù kan gbáko ló so rọ̀ mọ́ ìwé kan. Bí wéébìlì méjì péré bá ṣe ségesège nínú rẹ̀, gbogbo owó náà lè dúró. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba búrẹ́dì ni mo rò pé ó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìnfọ́ìsì yìí, nítorí ohun tí wọn ò kọ níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ lọ́gbọ̀n ọjọ́.

Ìwé wéébìlì tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà sí ni kí wọ́n lò, èyí tó ní ẹ̀dà. Ọ̀kan á dúró lọ́wọ́ ẹni tó gba ọjà, èkejì á padà sí ilé búrẹ́dì. Kí wọ́n kọ déètì, orúkọ ẹ̀ka, iye búrẹ́dì tí wọ́n gbà níti gidi, kí ẹni tó gbà á sì kọ orúkọ rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí tí ò lórúkọ kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà tí àríyànjiyàn bá dé. Bó bá jẹ́ méjìdínlógún ni wọ́n kà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n fa ìlà sí ogún, kí wọ́n kọ 18, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i lórí ẹ̀dà méjèèjì. Ẹyọ ni kí wọ́n máa fi kà á níbi gbogbo. Bí Bódìjà bá ń kọ ẹyọ, tí Dùgbẹ̀ ń kọ dọ́sìnnì, àṣìṣe ò ní pẹ́ wọlé.

Oṣù tí à ń wò yìí bẹ̀rẹ̀ láti wéébìlì 0401, ó sì parí sí 0476. Nọ́ńbà 76 nìyẹn, ìgbà 75 ni wọ́n sì gbé ọjà. Ọ̀kan bàjẹ́, 0433. Wọn ò ya á sọ nù. Wọ́n fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú ìwé pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ya á dànù, oníbàárà lè béèrè ibi tí ó wọlé sí, kò sì ní sí èsì kankan.

Iye owó ló máa ń dá ìjà tó le jù sílẹ̀. Ìdajì oṣù àkọ́kọ́, búrẹ́dì jẹ́ ₦1,200. Láti ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó di ₦1,300. Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi ta iye àtijọ́: búrẹ́dì 720, ₦864,000. Ọjọ́ mẹ́tàlá yòókù: búrẹ́dì 780, ₦1,014,000. Gbogbo rẹ̀ ₦1,878,000. Bí akọ̀wé bá fi iye tuntun ṣírò gbogbo oṣù, ₦72,000 ló máa lé e, oníbàárà yóò sì rí i. Iye ọjọ́ tí ọjà dé ni kí a fi ṣírò rẹ̀, kí ó ti wà lórí wéébìlì.

Òfin yìí náà ló de ọjà tó padà. Mọ́kọ́lá rí mẹ́rin tó hu ìhù nínú èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ Sátidé ọjọ́ kẹrìnlá, wọ́n sì dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Iye ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò yọ, ₦4,800, kì í ṣe ₦5,200. Ìwé ìdápadà tirẹ̀ ni kí wọ́n kọ fún un, kí nọ́ńbà wéébìlì ọjọ́ Sátidé náà wà lórí rẹ̀. Wéébìlì tí wọ́n ti fọwọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe padà lọ tún un kọ.

Nígbà tí oṣù bá parí, ìnfọ́ìsì á to wéébìlì kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀: déètì, nọ́ńbà, iye ẹyọ, owó. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á ní àròpọ̀ tirẹ̀, ìdápadà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ₦1,873,200 tí wọn yóò san. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé, kí akọ̀wé kọ nọ́ńbà ìnfọ́ìsì sára wéébìlì rẹ̀, kó má baà tún wọ ti oṣù tó ń bọ̀. Kó tó fi ránṣẹ́, kó ka búrẹ́dì tó wà lórí àwọn wéébìlì, kó yọ ìdápadà. Bí kò bá jẹ́ 1,496 ni ìnfọ́ìsì náà gbé, kó wá ibi tó ti yà.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó dára jù kí àwọn méjèèjì fi nọ́ńbà wéébìlì wéra, kí ọ̀rọ̀ má baà ṣẹ́jọ. Kí wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú pé bí ìlà kan bá ní àríyànjiyàn, ìlà yẹn nìkan ni yóò dúró; oníbàárà á san ìyókù lọ́jọ́ tó yẹ.