Ibi tí Ìṣẹ́jú 40 ń Gbà Lọ Lórí Pápá

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba nílẹ̀ wa, ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n máa ń kọ fún ẹ̀kọ́ ìdárayá lórí táìmù-tébù. Ẹ mú aago, kí ẹ wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹ yan ọmọ kan ṣoṣo, kí ẹ máa ka kìkì ìgbà tó ń sáré, tó ń fò, tó ń jùkò tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu bí àkókò yẹn ṣe ń kéré tó. Ọmọ náà ń rìn bọ̀ láti kíláàsì, ó ń tò, ó ń jiyàn nípa ẹni tí yóò bá ṣe, ó ń retí kí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo yí kan òun, olùkọ́ sì ń pariwo "Ẹ dákẹ́!" títí agogo fi lù.

Àwọn kan ti sọ wíwo aago yìí di iṣẹ́ ìwádìí. Daryl Siedentop, tó kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, wà lára wọn. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń ya àkókò tí ọmọ fi ń ṣe eré náà gan-an, tó sì ń ṣe é yọrí, sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò tó fi tò, tó fi dúró, tó sì fi gbọ́ àlàyé. Ẹni tó bá pín in báyìí yóò rí i pé eré kọ́ ló ń jẹ àkókò. Àárín eré kan sí èkejì ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì kan wò: ọmọ 60, kíláàsì kejì ní girama kékeré, olùkọ́ kan, pápá oníyẹ̀pẹ̀ kan. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni bí a ṣe ń fi ọ̀pá lé ara ẹni lọ́wọ́ nínú eré ríléè. Láti ìgbà tí wọ́n bá dé pápá títí wọn yóò fi padà, ìgbà bíi 8 ni gbogbo wọn yóò kúrò nínú nǹkan kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n á parí ìnara, wọ́n á bọ́ sí ẹgbẹ́, wọ́n á gba ọ̀pá, wọ́n á dúró gbọ́ àlàyé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìṣẹ́jú 12 ti bá ti lọ. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 20 péré, gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò pé ìṣẹ́jú 3. Nínú ìṣẹ́jú 9 tó wà láàárín méjèèjì, ọmọ kan lè fi ọ̀pá léni lọ́wọ́ ní àìmọye ìgbà.

Ìpínpín ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ni àkókò ń gbà sá lọ jù. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ máa ka "ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin" láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé ìparí. Pẹ̀lú ọmọ 20, ó dára. Pẹ̀lú 60, ẹni tó wà nídìí ìlà ti gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀ kí kíkà tó parí, ẹni tó sì rí i pé ọ̀rẹ́ òun bọ́ sí "ẹ̀ta" ti yáa di "ẹ̀ta" lójú ẹsẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí olórí méjì máa yan ọmọ níkọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ènìyàn. Yàtọ̀ sí pé ó ń pẹ́, ọmọ kan náà ló máa ń ṣẹ́kù sẹ́yìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sí ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ju pé wọn ò fẹ́ òun.

Olùkọ́ tó mọṣẹ́ ti pín wọn sórí ìwé nínú kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Ẹni 4 ló ń sá ríléè, nítorí náà ó kó ọmọ 60 sí ẹgbẹ́ 15. Ó da àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá pọ̀ mọ́ àwọn tí kò yá tó bẹ́ẹ̀, ó yan olórí fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà títí táàmù yóò fi parí. Lórí pápá, ó fi ike omi tó rọ yẹ̀pẹ̀ sí nínú ṣe àmì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mítà 2 láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ẹgbẹ́ 15 yóò gba nǹkan bíi mítà 28 ní ìbú, ọ̀pọ̀ pápá sì gbà á. Bí ó bá wá pè pé "Ẹ lọ sí àmì yín", kò sí ìbéèrè. Bí ọmọ kan kò bá wá lọ́jọ́ náà, òfin ti wà tẹ́lẹ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ ni yóò tún sá ipò ẹni tí kò sí. Wọn kò ní máa bá olùkọ́ sọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdíwọ́. Òfin eré ìsáré ní kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 28 sí 30, kí ó dán, kí ó sì ní ihò nínú. Páìpù omi oníke tí wọ́n gé ní sẹ̀ǹtímítà 30 yóò ṣe é, mítà 4 ààbọ̀ sì tó fún ẹgbẹ́ 15. Kí a fi páńpẹ́pẹ̀ ha etí rẹ̀ kó má bàa gé ọmọ lọ́wọ́. Bí ọ̀pá bá jẹ́ 3 fún ọmọ 60, kò sí fèrè tàbí ètò tó lè gba ẹ̀kọ́ náà là. Ọmọ 20 yóò máa tò lẹ́yìn ọ̀pá kan.

Ó wá kan fèrè. Èyí tí àwa mọ̀ jù, tí bọ́ọ̀lù kékeré ń yí nínú rẹ̀, ti iṣẹ́ Joseph Hudson ará Birmingham wá. Ọdún 1884 ni Acme Thunderer rẹ̀ jáde. Bọ́ọ̀lù inú yẹn ló ń mú kí ohùn rẹ̀ máa gbọ̀n, òun náà ló sì ń di ìyọnu bí itọ́ tàbí eruku ọyẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1987, Ron Foxcroft, rẹfirí bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù-sápẹ̀rẹ̀ ní Kánádà, gbé Fox 40 jáde, èyí tí kò ní bọ́ọ̀lù kankan nínú. Èyí tó wù kí olùkọ́ ní, bí a ṣe ń fọn ọ́n ló ṣe pàtàkì. Ahọ́n ni a fi ń dí ẹnu rẹ̀, a ó kó èémí jọ sẹ́yìn ahọ́n, a ó wá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń sọ pé "tù". Ohùn tó mú ni yóò jáde. Ẹni tó bá kàn ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ yóò gbọ́ ohùn tó ń wọ́ tuuru, àwọn ọmọ kì í sì í ka irú ohùn bẹ́ẹ̀ sí. Kí a má sì fọn ọ́n sí ọmọ létí. Ohun tí a ṣe kí ó dún já pápá kò yẹ etí tó wà nítòsí.

Lójú tèmi, ìtumọ̀ mẹ́ta tó fún fèrè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣókí: ẹ dúró níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ di ọ̀pá mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kọjú sí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ṣókí: ẹ pààrọ̀ ipò. Èyí tó gùn tí kò dáwọ́ dúró: ewu wà, ẹ jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ẹnu ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, "Ó yá!" Bí fèrè kan náà bá túmọ̀ sí "bẹ̀rẹ̀" tó tún túmọ̀ sí "dúró", ọmọ tó wà nínú ariwo ní láti ronú kó tó ṣe é, ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú-àáyá ti ń lọ. Rẹfirí bọ́ọ̀lù ń lò ó fún méjèèjì, ṣùgbọ́n àgbàlagbà 22 tó mọ òfin eré náà ni tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù ni a fi ń kọ́ wọn ní èyí, bí eré: ẹ máa sáré káàkiri, mo fọn, ẹ di òkúta. Olùkọ́ yóò máa kà nínú ara rẹ̀. Bí ó bá ka 5 tí gbogbo ènìyàn ti dúró, ó dé. Àmì pé fèrè ti ń kú ni pé ó ń fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta fún àṣẹ kan ṣoṣo. Ohun tó sábà ń pa á ni àlòjù: kí olùkọ́ máa fọn ọ́n sí ọmọ kan tó ń ṣeré, sí ewúrẹ́ tó wọ pápá, sí ohun gbogbo. Òmíràn ni kí ó fọn ọ́n kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nígbà tí ìdajì wọn ṣì ń rìn. Ó ti kọ́ wọn pé dídúró kì í ṣe dandan nìyẹn.

Àlàyé náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ. Kí olùkọ́ gbà kí oòrùn ràn án lójú, kí àwọn ọmọ kẹ̀yìn sí i. Kí ó dúró síbi tí atẹ́gùn yóò ti gbé ohùn rẹ̀ lọ bá wọn, ní etí pápá, torí ẹni tó dúró láàárín ti kẹ̀yìn sí ìdajì kíláàsì. Bó ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ṣe kókó. Bí ó bá ní, "Ẹ mú ọ̀pá, kí ẹ tò ní mítà méjì-méjì…", wọ́n ti sáré lọ ní "ẹ mú ọ̀pá", wọn kò gbọ́ ìyókù. Ìgbà ni kí ó kọ́kọ́ sọ: "Bí mo bá ní ó yá, olórí ẹgbẹ́ yóò mú ọ̀pá kan, ẹ ó tò, ẹni ẹ̀yìn yóò pe 'Gbà!' kó tó fi lé ẹni iwájú lọ́wọ́. Ó yá!" Kò sí ẹni tó lè mira títí tó fi kan ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ti ń tán lọ, ẹni tó gbẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ ni yóò ju ọ̀pá sínú apẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń kọjá lọ sí kíláàsì. Olùkọ́ yóò ka 15, ó parí.

Níbi jíju ọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ náà kọjá àkókò. Gbogbo ẹni tó ń jù yóò wà lẹ́yìn ìlà kan náà, kò sì sí ẹni tí yóò lọ mú ọ̀kọ̀ rẹ̀ àfi tí fèrè bá dún, tí kò sí ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, tí olùkọ́ sì fi ẹnu sọ pé "Ẹ lọ mú un." Rírìn ni wọn yóò rìn lọ. Ìdí ọ̀kọ̀ tó ti gún ilẹ̀ máa ń yọ sókè sí ibi tí ẹni tó ń sáré bọ̀ yóò gbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í rí i.

Ọmọ tí kò gbọ́ràn kò lè gbọ́ fèrè, nítorí náà kí olùkọ́ máa na ọwọ́ kan sókè nígbàkígbà tó bá fọn ọ́n, kí ọmọ tó bá rí i sì na tirẹ̀. Ìyẹn tún ń ran àwọn tó wà lókèèrè lọ́wọ́ bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Bí kíláàsì méjì bá wà lórí pápá kan náà, fèrè méjì tó dún bákan náà yóò da gbogbo wọn rú. Olùkọ́ kejì lè lo agogo ọwọ́ tàbí ìlù kékeré, kí àwọn méjèèjì sì ti fẹnu kò sórí rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní sítáàfùrúùmù.