Ìwé Ọpẹ́ Kékeré fún Òṣìṣẹ́ Òtẹ́ẹ̀lì ní Mẹ̀dínà

Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá tó lọ ilé-kéwú ló ń ka Àlùkùránì já gaara, ṣùgbọ́n ìwé tí òtẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ògiri ní Mẹ̀dínà á rú wọn lójú. Lẹ́tà Àlùkùránì ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ tó ń sọ bí a ó ṣe pè é. Ìwé òtẹ́ẹ̀lì kì í ní in. Nọ́ńbà pàápàá ń tan èèyàn: 5 àwọn Lárúbáwá rí róbótó bí òdo tiwa, òdo tiwọn kò ju ẹ̀kán kan lọ, 6 wọn sì jọ 7 wa.

Ká ní ìyá kan láti Ìwó ń ti Mẹ̀dínà lọ sí Mẹ́kà láárọ̀ ọ̀la. Ìwé wà lẹ́bàá lífítì, ó fi fóònù yà á, ó sì gbé e lọ bá ọmọbìnrin tó ń gba àlejò nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin náà fẹ àwòrán yẹn lójú, ó ń fi ìka tọ́ ọ lẹ́sẹẹsẹ. Kí wọ́n gbé ẹrù sí ẹnu ọ̀nà yàrá lálẹ́. Bọ́ọ̀sì á gbéra láago mẹ́fà. “Sita, yaa Haaja!” Ìyá ti kà á sí méje. Lẹ́tà sọ́ọ̀dì tó tẹ̀lé nọ́ńbà náà ló fi hàn pé àárọ̀ ni. Mímù ni wọn ì bá kọ bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kí àwọn ọkùnrin ti wọ aṣọ ìhúrámì látilé, torí bọ́ọ̀sì kò ní í pẹ́ ní Sul-Hulefa, níbi tí ẹni tó ń ti Mẹ̀dínà bọ̀ ti ń dá àníyàn. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ láìdá a gbọ́dọ̀ padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pa ẹran.

Irú àlàyé yìí tó ọpẹ́ tí a kọ sílẹ̀. Gbólóhùn díẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn sálámà, kí ìyá kọ “Ilal-uhtil-karima”, sí arábìnrin ọlọ́lá. Lẹ́yìn náà, kó dárúkọ oore náà gan-an: “Shukuran laki ala sharihil-waraka, fahimitul-maweeda”, mo dúpẹ́ pé o ṣàlàyé ìwé náà, àkókò rẹ̀ ti yé mi. Kó wá fi àdúà kún un: “Jasakillahu hairan.” Lẹ́nu, “ki” la ń sọ fún obìnrin, “ka” fún ọkùnrin. Lórí ìwé tí kò ní àmì, lẹ́tà kan náà ni méjèèjì, nítorí náà “uhti” àti “karima” tó wà lókè ló ń fi hàn pé obìnrin là ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, “Ilal-ahil-karim” ni kó kọ.

Kó fi orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà yàrá sísàlẹ̀. Kó má fi ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó ń tún yàrá ṣe lè kó o mọ́ ìdọ̀tí. Ọwọ́ ọmọbìnrin yẹn ni kó fi í lé; bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí, kó fún ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì sọ pé ti ẹni tó wà níbẹ̀ lálẹ́ àná ni.